Pulọ́ọ̀tì, Éékà àti Hẹ́kítà: Bí Èèyàn Ṣe Ń Mọ Bí Ilẹ̀ Ṣe Tó Kó Tó Sanwó

Orúkọ mẹ́ta ni ilẹ̀ kan ṣoṣo lè jẹ́ lọ́jà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìdílé tó ni ín á pè é ní éékà, torí oko kòkó àti oko obì ni wọ́n jogún, éékà ni wọ́n sì fi ń ka oko. Ajẹ́ńtì tó mú oníbàárà wá á pè é ní pulọ́ọ̀tì. Ìwé sọ́fè ní tiẹ̀ kì í dárúkọ èyíkéyìí nínú méjèèjì: mítà onígun mẹ́rin tàbí hẹ́kítà ló máa ń wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá ń kọ́ṣẹ́ ajẹ́ńtì tàbí iṣẹ́ awọnlẹ̀ láti Òkè-Àgbò títí dé Àgọ́-Ìwòyè gbọ́dọ̀ lè ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì láìṣì í, nítorí àárín àwọn orúkọ wọ̀nyí ni owó ti ń bọ́ sọnù.

Méjì nínú wọn kì í yí padà. Hẹ́kítà kan ni ilẹ̀ tó gùn ní 100 mítà, tó sì fẹ̀ ní 100 mítà, ìyẹn 10,000 mítà onígun mẹ́rin. Éékà kan jẹ́ 4,047 mítà onígun mẹ́rin, tàbí 43,560 tí a bá fi ẹsẹ̀ bàtà wọ̀n ọ́n. Nítorí náà hẹ́kítà kan jẹ́ éékà 2.47. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pè é ní éékà méjì àtààbọ̀, kò sì burú lórí hẹ́kítà kan. Àmọ́ tó bá di oko tó tó 20 hẹ́kítà, éékà 50 lẹ́nu yóò di 49.4 lórí ilẹ̀. Ohun tó fò yẹn ju pulọ́ọ̀tì ńlá mẹ́ta lọ.

Pulọ́ọ̀tì ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Kì í ṣe ìwọ̀n, àdéhùn ni. Ibì kan wà tí pulọ́ọ̀tì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 100, ìyẹn nǹkan bíi 465 mítà onígun mẹ́rin. Ibòmíràn ń lo 60 ní 120, tó tó 669. Àwọn awọnlẹ̀ tó ń fi mítà gé ilẹ̀ sábà máa ń lo 18 ní 36, tó jẹ́ 648. Gbogbo wọn ni wọ́n ń pè ní pulọ́ọ̀tì kan, kò sì sí ẹni tó purọ́.

Inú èyí ni ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ jù lọ́jà ilẹ̀ ti jáde, pé pulọ́ọ̀tì mẹ́fà ló wà nínú éékà kan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n pulọ́ọ̀tì ńlá bíi 60 ní 120 nìkan ló bá a mu: 43,560 tí a pín sí 7,200 ń fúnni ní mẹ́fà àti díẹ̀. Bó bá jẹ́ 50 ní 100 ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá wá gba pulọ́ọ̀tì kékeré mẹ́fà, tó sì san owó éékà kan, 2,787 mítà onígun mẹ́rin péré ló rà, kò pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin éékà. Ìdí nìyí tí àgbà tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi béèrè pé pulọ́ọ̀tì mélòó ni. Ohun tó máa ń béèrè ni pé ẹsẹ̀ bàtà mélòó ní mélòó ni pulọ́ọ̀tì tiwọn.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí gbogbo ìwọ̀n kọ́kọ́ di mítà onígun mẹ́rin, kó tó di ohunkóhun mìíràn. Ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ 0.3048 mítà. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí a sọ di mítà kí a tó sọ ọ́ di púpọ̀. Àṣìṣe tí ọmọ iṣẹ́ sábà máa ń ṣe ni pé yóò mú 5,000 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin, yóò pín in sí 3.28 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì rí 1,524. Ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tó wà nílẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kó pín in, torí ilẹ̀ ní òòró, ó sì ní ìbú.

Ilẹ̀ oko kì í sì í gún régé. Ká ní wọ́n ń ta oko kan tí wọ́n pè ní éékà kan lójú ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n fa téèpù, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ 60, 70, 55 àti 65 mítà, bí a ṣe ń yí i po. Oníkánjú á mú ìdajì àròpọ̀ 60 àti 55, á fi sọ ìdajì àròpọ̀ 70 àti 65 di púpọ̀, á sì rí 3,881. Ìṣirò yìí gbà pé gbogbo igun ilẹ̀ náà gún bíi ti ilẹ̀kùn. Bí igun bá ṣe ń tẹ̀ tó ni ilẹ̀ ṣe ń dín kù tó, bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò tiẹ̀ yí padà.

Ohun tó ń tú àṣírí ni kí a fa téèpù kan sí i láti igun kan lọ sí igun tó kọjú sí i, kí ilẹ̀ náà di onígun mẹ́ta méjì. Níhìn-ín, téèpù yẹn jẹ́ 70 mítà. Onígun mẹ́ta àkọ́kọ́ ní 60, 70 àti 70. Èkejì ní 70, 55 àti 65. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó ro ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn a, b àti c, pọ̀, a ó pín in sí méjì, ìyẹn s, a ó sì fi í sínú ìṣirò yìí:

```
√( s × (s−a) × (s−b) × (s−c) )
```

Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 1,897, ti èkejì jẹ́ 1,688. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 3,585 mítà onígun mẹ́rin, tàbí 0.36 hẹ́kítà. Ó fi nǹkan bí 460 dín sí éékà kan, ìyẹn ni pé odindi pulọ́ọ̀tì 50 ní 100 kan ni kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń ta éékà náà ní mílíọ̀nù mẹ́rin náírà, mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ nǹkan bíi náírà 988, ohun tó sì yẹ kí ẹni tó ń rà á san kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ lọ.

Fóònù tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń rìn yí ilẹ̀ po wúlò, ó sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó lè fi mítà mẹ́ta sí márùn-ún ṣìnà ní igun kọ̀ọ̀kan, pàápàá lábẹ́ igi kòkó. Lórí oko hẹ́kítà mẹ́wàá, kò tó nǹkan. Lórí pulọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní mítà 18, ó lè jẹ ìdá mẹ́rin ilẹ̀. Téèpù ni ti pulọ́ọ̀tì, kí wọ́n sì nà án gbọọrọ, láìjẹ́ kó rọ̀ tàbí kó tẹ̀ lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀.

Bí ìwé sọ́fè bá ti wà, kí wọ́n wo ibi tí ojú àmì kékeré wà nínú iye hẹ́kítà. 0.359 àti 3.59 jọra lójú, ìlọ́po mẹ́wàá sì ló wà láàárín wọn. Kí wọ́n fi gígùn tó wà láàárín pílà méjì lórí ìwé wé ohun tí téèpù bá sọ lórí ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gé ilẹ̀ tà, kí ó rántí ọ̀nà: ọ̀nà tó fẹ̀ ní mítà mẹ́sàn-án, tó sì gùn ní 65, gba 585 mítà onígun mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pulọ́ọ̀tì kan tán.

Bí owó bá ní láti jáde kí sọ́fè tó parí, kí rìsíìtì sọ iye tí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ àti gígùn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó sì sọ pé ohun tí sọ́fè bá rí ni wọn yóò fi ṣírò owó tó kù. Rìsíìtì tó kàn kọ “éékà kan” tàbí “pulọ́ọ̀tì méjì” kò tíì sọ ohun tí wọ́n tà.