Pín In, Má Sọ Ọ́ Di Púpọ̀

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa, ká ní olùsáré kan ní Ogui níbí fi ìṣẹ́jú 25 sá kìlómítà 5 nínú ìdíje oṣù yìí. Àáyá 300 ló fi sá kìlómítà kan.

Eré ìrọ̀rùn jẹ́ nǹkan bí ìdá 75 nínú 100 eré ìdíje yẹn. Tẹ́ ẹ bá sọ 300 di púpọ̀ pẹ̀lú 0.75, 225 ló máa jáde. Ìyẹn yá ju ìdíje lọ! Eré tó bá dínkù, àkókò rẹ̀ ló ń pọ̀ sí i, torí náà ẹ pín in: 300 ÷ 0.75 = 400.

Témpò, ìdá 88, á jẹ́ 341. Tírẹ́ṣọ́ọ̀dù, ìdá 93, á jẹ́ 323. Eré tá a lè sá fún bíi wákàtí kan nìyẹn. Tẹ́ ẹ ò bá lè sọ̀rọ̀ geere nínú eré ìrọ̀rùn, ó ti yá jù.