“Lu síta” ni, kì í ṣe “jò”

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní Òkìtìpupa fi ojú ìwé méjì ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún àwọn ará ilé. Kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ láti ṣe ọdẹ, kó máa wo ohun tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá, kó sì kígbe bí olè bá wọlé. Ó kọ ọ́ pé: “Ìpéye rẹ̀ jẹ́ ìdá 99.98 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí dátà tó jò.” Èdè nìkan ló ní kí n yẹ̀ wò, àmọ́ èdè náà ló tú àṣírí iṣẹ́ ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ ká mú “jò”. Òrùlé a máa jò, agbè a máa jò. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń bọ́ sọnù. Bí ẹ bá ní dátà jò, ohun tí a óò gbọ́ ni pé àwọn kan ti jí orúkọ oníbàárà báńkì kó lọ. Ohun tí ọmọ yìí ní lọ́kàn yàtọ̀. Ohun tí a fẹ́ fi dán kọ̀ǹpútà wò ló ti wà nínú ohun tó fi kẹ́kọ̀ọ́. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún èyí láti ọjọ́ táwọn ọmọléèwé ti ń ra ìbéèrè ìdánwò lóru: ìbéèrè ti lu síta.

Ó sì lu síta lóòótọ́. Dátà tó lò ni KDD Cup 99, tí wọ́n yọ látinú nẹ́tíwọ́ọ̀kì àfarawé tí ilé ìwádìí Líńkọ́ọ̀nù ti MIT ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1998. Fáìlì kékeré rẹ̀ ní ìlà 494,021. Nínú ìwọ̀nyí, 280,790 jẹ́ olè kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní `smurf`, tó ń da ìdáhùn rẹpẹtẹ bo kọ̀ǹpútà kan títí yóò fi dákú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ àwọn ìlà tó jọra délẹ̀délẹ̀ kúrò, 641 péré ni `smurf` tó kù. Ọmọ wa po gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó fi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún kọ́ ọdẹ rẹ̀, ó sì fi ìdá kan yòókù dán an wò. Báwo ni ìlà kan náà kò ṣe ní wà ní ìhà méjèèjì? Ọdẹ yẹn kò dá olè mọ̀. Ó kọ́ ọ sórí ni. Àwa náà mọ̀ pé ọmọ tó kọ́ ìdáhùn sórí kò tíì mọ ìṣirò.

“Ìpéye” ńkọ́? Bí oníṣòwò púpurú bá ní ọjà òun péye, ẹ óò kà á, kò sì gbọdọ̀ dín ẹyọ kan. Fáìlì náà ní irú olè kan tí wọ́n ń pè ní U2R, aṣàmúlò lásán tó sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà. Òun ló léwu jù, ìlà rẹ̀ kò sì ju 52 lọ. Nǹkan bíi mẹ́wàá nínú wọn ni yóò bọ́ sínú ìlà 98,000 ó lé tó fi dán an wò. Ká ní gbogbo mẹ́wàá sá lọ, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni iye náà yóò fi dín! Ẹ má pe ìyẹn ní ìpéye. “Ìpín ìdáhùn tó tọ̀nà” ni, kó sì kọ “ìpín olè tí a mú” fún irú olè kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀, àti iye ìgbà tí ọdẹ kígbe olè lásán.

Mo ní kó lọ tún un ṣe. Kó yọ ìlà àwítúnwí kúrò kó tó kọ́ ọdẹ, kó má sì fi ohunkóhun nínú fáìlì ìdánwò wọn ìwọ̀n:

```
train = train.drop_duplicates()
scaler.fit(train[cols])
```

Ìdánwò gan-an, kó lo fáìlì `corrected`, tí wọ́n yọ látinú ọ̀sẹ̀ mìíràn, tó sì ní oríṣi olè tí ọdẹ kò rí rí. Nínú ìlà 311,029 rẹ̀, olè jẹ́ 250,436. Ẹni tó bá dijú tó ń pe gbogbo ènìyàn lólè yóò gba ìdá 80.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka máàkì, kì í ṣe láti òdo.

Lánàá ló pè mí. “Ẹ̀gbọ́n, máàkì náà ti já wálẹ̀ o. Ṣé kí n fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀?” Mo bi í pé mélòó ló mú nínú R2L, àwọn àjòjì tó ń gba ọ̀nà jíjìn wọlé. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Mo wá sọ fún un pé ẹni tó gba ipò kìíní nínú ìdíje KDD Cup ti 1999 gan-an gba nǹkan bí ìdá 92.7 lápapọ̀, àmọ́ nínú R2L, ìdá 8.4 ló mú.

“Ṣé wọ́n kọ ọ́ síta bẹ́ẹ̀?”

Wọ́n kọ ọ́, ní ìlà tirẹ̀.