Ààlà Ìtò Nọ́ńbà

Bí bàbá kan bá kú, tí ó sì fi ilẹ̀ oko kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ìpín tí yóò kan ọmọ kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ bí àwọn ọmọ náà ti pọ̀ tó. Bí ó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí, ọmọ náà ni yóò jogún gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ìdajì ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, ìdámẹ́ta. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́wàá, ìdámẹ́wàá. Kí a wá gbà pé àwọn ọmọ náà bí ọmọ, tí àwọn ọmọ ọmọ náà sì tún bí tiwọn, tí a sì ń pín ilẹ̀ kan náà lọ́gbọọgba fún gbogbo wọn. Ìpín olúkúlùkù yóò máa kéré sí i. Kò ní sí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni yóò wí pé òun kò ní nǹkan kan níbẹ̀, nítorí pé bí ó ti wù kí ìpín kéré tó, ìpín ni. Síbẹ̀, àgbàlagbà tí ó bá wo ọ̀rọ̀ náà yóò wí pé ilẹ̀ náà ń di asán lọ́wọ́ wọn.

Bí a bá kọ àwọn ìpín wọ̀nyí sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ohun tí a ó rí nìyí:

1, 1/2, 1/3, 1/4, 1/5, . . .

Irú àwọn nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, tí a tò ní ipò kìíní, ipò kejì, ipò kẹta, tí kò sì ní ipò ìkẹyìn, ni a ó máa pè ní ìtò nọ́ńbà. Nọ́ńbà tí ó wà ní ipò n nínú ìtò yìí ni 1/n. Kò sí ẹni tí kò rí i pé ọ̀dọ̀ òdo ni àwọn nọ́ńbà náà kọjú sí, àwọn onímọ̀ ìṣirò a sì máa wí pé òdo ni ààlà ìtò náà. Ṣùgbọ́n kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí gan-an? Rírí kò tó. Ó yẹ kí a lè sọ ohun tí a rí lọ́nà tí alátakò kò fi ní rí ibi gbá mú.

Ìdáhùn tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ ni pé àwọn nọ́ńbà náà ń sún mọ́ òdo sí i, wọn kò sì lè dé ibẹ̀ láéláé. Ìdáhùn yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n àbùkù méjì ni ó ní.

Àbùkù kìíní ni pé kì í ṣe òdo nìkan ni àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ń sún mọ́ sí i. Ẹ wo −1, tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òdo. Àlàfo tí ó wà láàárín 1 àti −1 jẹ́ 2. Èyí tí ó wà láàárín 1/2 àti −1 jẹ́ 1 àti ààbọ̀. Èyí tí ó wà láàárín 1/3 àti −1 sì tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ìtò wa ń sún mọ́ −1 pẹ̀lú ní gbogbo ìgbà, kò sì dé ibẹ̀ láéláé! Ẹni tí ó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ ń sún mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú bí ó ti ń lọ, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́ ni ó ń lọ. Ọ̀rọ̀ náà “ń sún mọ́” kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ibi tí a ń lọ àti ibi tí ó wà níwájú rẹ̀.

Àbùkù kejì ni pé kò pọn dandan kí ìtò nọ́ńbà má dé ibi ààlà rẹ̀. Bí a bá fi òdo dípò gbogbo nọ́ńbà tí ó wà ní ipò kejì, ipò kẹrin, ipò kẹfà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, a ó ní 1, 0, 1/3, 0, 1/5, 0, . . . Ìtò yìí ń dé òdo, ó tún ń kúrò níbẹ̀, ó sì tún ń padà síbẹ̀. Òdo náà ni ààlà tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ọdún 1821, Augustin-Louis Cauchy, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé kan jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Párísì, nínú èyí tí ó ti wí pé a ń sọ̀rọ̀ ààlà nígbà tí ìyàtọ̀ tí ó kù bá lè kéré tó bí a bá ti fẹ́. Gbólóhùn yẹn, “bí a bá ti fẹ́”, ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà ró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Karl Weierstrass, tí ó ń kọ́ni ní Bẹ̀lín ní ilẹ̀ Jámánì, mú kí ó di àṣà láti fi àmì ìṣirò sọ gbogbo rẹ̀ pátápátá, kí ó má baà sí ohun kan tí ó dúró lórí kìkì ọ̀rọ̀ ẹnu.

A lè mú un bí ẹni pé ènìyàn méjì ń jiyàn. Ẹni kìíní ni olùbéèrè, ẹni kejì ni olùdáhùn. Olùdáhùn ti sọ pé nọ́ńbà kan báyìí ni ààlà ìtò náà. Olùbéèrè yóò wá dárúkọ bí ó ti fẹ́ kí àlàfo kéré tó. Ó lè mú ìdámẹ́wàá. Ó lè mú ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ohun tí kò gbọ̀dọ̀ mú ni òdo fúnra rẹ̀. Lẹ́tà èdè Gíríìkì kan, ε, tí a ń pè ní ẹ́písílọ́nì, ni a fi dúró fún ìwọ̀n tí ó bá mú. Olùdáhùn náà yóò wá dárúkọ ipò kan nínú ìtò náà, èyí tí a ń pè ní N. Bí gbogbo nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn ipò N, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀, bá wà ní àlàfo tí ó kéré ju ε lọ sí ààlà tí ó sọ, olùdáhùn ti dáhùn. Bí ó bá sì jẹ́ pé kò sí ε tí a lè gbé síwájú rẹ̀ tí kò ní rí N fún, òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Báyìí ni a ṣe ń kọ ọ́:

Nọ́ńbà L ni ààlà ìtò kan bí ó bá jẹ́ pé, fún ε kọ̀ọ̀kan tí ó tóbi ju òdo lọ, odidi nọ́ńbà N kan wà, tí ó fi jẹ́ pé fún gbogbo n tí ó tóbi ju N lọ, àlàfo láàárín nọ́ńbà ipò n àti L kéré ju ε lọ.

Bí a bá pe nọ́ńbà ipò n ní aₙ, àmì tí a fi ń kọ ìlà ìkẹyìn náà ni |aₙ − L| < ε. Àwọn ọ̀pá méjì tí ó dúró yẹn túmọ̀ sí pé bí àlàfo náà ti gùn tó nìkan ni a ń wò, a kò bìkítà bí nọ́ńbà náà wà lókè L tàbí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Olùbéèrè ni ó ń ṣáájú, olùdáhùn sì ń tẹ̀ lé e. Nítorí náà N lè yí padà bí ε bá yí padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá yí ètò yìí po, tí ó ní kí olùdáhùn kọ́kọ́ mú N kan ṣoṣo tí yóò tó fún gbogbo ε, ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Bí olùdáhùn bá mú 1000, olùbéèrè yóò kàn mú ìdá kan nínú 5000, nọ́ńbà tí ó wà ní ipò 1001 yóò sì tóbi jù ú lọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dán ìtò 1/n wò. Bí olùbéèrè bá wí pé ε jẹ́ 1/100, olùdáhùn lè mú N = 100. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé e ni 1/101, ó sì kéré ju 1/100 lọ. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ε bá jẹ́ 0.03, tí a pín 1 sí 0.03, a ó rí 33 àti ìdámẹ́ta. Olùdáhùn lè mú 34. Bí ó bá mú 32, yóò kùnà, nítorí pé 1/33 tóbi díẹ̀ ju 0.03 lọ. Òótọ́ ni pé 33 pàápàá ìbá tó, nítorí pé 1/34 ni ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n a kò fi ipá mú olùdáhùn láti wá N tí ó kéré jù lọ. Bí ó bá mú 1000 pàápàá, a kò lè bá a wí.

Síbẹ̀, bí a dán irú èyí wò nígbà ẹgbẹ̀rún, kò tíì di ẹ̀rí, nítorí pé ε tí ó kù kò níye. A gbọ́dọ̀ dáhùn gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rí náà nìyí.

Kí ε jẹ́ nọ́ńbà èyíkéyìí tí ó tóbi ju òdo lọ. A mú odidi nọ́ńbà N kan tí ó tóbi ju 1/ε lọ. Kí n jẹ́ nọ́ńbà ipò èyíkéyìí tí ó ju N lọ. Nítorí pé n ju N lọ, tí N sì ju 1/ε lọ, n ju 1/ε lọ. Bí nọ́ńbà méjì bá ju òdo lọ, tí a sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pín 1, èyí tí ó tóbi ni yóò mú ìpín kékeré wá. Nítorí náà 1/n kéré ju ε lọ. Ṣùgbọ́n àlàfo láàárín 1/n àti òdo kò ju 1/n fúnra rẹ̀ lọ. Nítorí náà |1/n − 0| < ε fún gbogbo n tí ó ju N lọ, òdo sì ni ààlà ìtò náà.

Ibì kan ṣoṣo ni alátakò ti lè dí wa lọ́nà. Ta ni ó sọ fún wa pé odidi nọ́ńbà kan wà tí ó ju 1/ε lọ? Bí ε bá kéré púpọ̀, 1/ε a tóbi púpọ̀. Òfin tí a gbára lé níhìn-ín ni pé kò sí nọ́ńbà tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kíkà 1, 2, 3 kò ní kọjá rẹ̀. Orúkọ Archimedes, ará Gíríìkì ìgbà láéláé, ni a fi ń pe òfin náà. A lè rí ìdí rẹ̀ báyìí. Bí àwọn odidi nọ́ńbà bá ní òrùlé kan tí wọn kò lè kọjá, kí b jẹ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀ tí ó rẹlẹ̀ jù lọ. Nígbà náà b − 1 kì í ṣe òrùlé, odidi nọ́ńbà kan sì ti kọjá rẹ̀. Bí a bá fi 1 kún odidi nọ́ńbà náà, odidi nọ́ńbà ni yóò ṣì jẹ́, yóò sì ti kọjá b. Èyí tako ohun tí a sọ nípa b, nítorí náà òrùlé náà kò sí.

Ìtumọ̀ tí ó dára gbọ́dọ̀ lè kọ èké pẹ̀lú. Bí ẹnì kan bá wí pé −1 ni ààlà 1/n, kí olùbéèrè mú ε = 1/2. Àlàfo láti 1/n sí −1 jẹ́ 1 + 1/n, ó sì ju 1 lọ nígbà gbogbo. Kò sí N tí olùdáhùn lè mú tí yóò gbà á sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lè ṣírò títí dé ipò 1000, kí ó rí 0.001, kí ó sì wí pé ibẹ̀ ni ìtò náà fìdí kalẹ̀ sí. Fún ẹni bẹ́ẹ̀, kí olùbéèrè mú ε = 1/2000. Gbàrà tí n bá ti kọjá 2000, 1/n kéré ju 1/2000 lọ, àlàfo rẹ̀ sí 1/1000 sì ju 1/2000 lọ. Ibikíbi tí olùdáhùn bá fi N sí, irú àwọn n bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti ìtò 1, 0, 1/3, 0, 1/5, 0, . . ., ẹ̀rí tuntun kò pọn dandan. Ní gbogbo ipò n, yálà òdo ni ó wà níbẹ̀ tàbí 1/n, àlàfo sí òdo kò ju 1/n lọ. N tí a mú fún ìtò àkọ́kọ́ sì tó fún un pẹ̀lú.