Kálórì Mélòó Lo Ná? Ìṣirò Ìlúwẹ̀ẹ́, Kẹ̀kẹ́ àti Bọ́ọ̀lù

Ẹ̀gbọ́n kan wà tó ti jáde ní ẹ̀ka wa kí n tó wọlé. Ìtòsí ọgbà ló ń gbé, ó sì máa ń wá bá wa gbá mọ́ńkí pọ́ọ̀sì ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú àti Sátidé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá, dókítà sọ fún un pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń gòkè. Kò tíì di àìsàn, ṣùgbọ́n ó ní kó tètè fọn díẹ̀ kó má bàa dà bẹ́ẹ̀. Kìlógíráàmù 92 ló wọ̀n nígbà náà. Ó wá bi mí pé, "Àbúrò, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ara àti eré ìdárayá, kálórì mélòó ni bọ́ọ̀lù wákàtí kan ààbọ̀ máa ń jó?" Mo ṣí tábìlì tí wọ́n fi kọ́ wa ní kíláàsì, mo ṣírò ó lórí fóònù, mo sì fi ránṣẹ́ sí i lórí Wáàsáàpù: 1,380.

Inú ẹ̀gbọ́n dùn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, 92 náà ni òṣùwọ̀n ṣì ń sọ. Ó ní, "Àbúrò, 1,380 tó o kà fún mi yẹn dà?" Ìdáhùn tí mo fún un nígbẹ̀yìn ni mo kọ síbí, nítorí èmi ni mo ṣìṣe, kì í ṣe òun.

Ibi tí nọ́ńbà náà ti ń wá

Ọ́síjìn ni ara fi ń sọ oúnjẹ di agbára. Lítà ọ́síjìn kan tí ara bá lò dúró fún nǹkan bíi kálórì 5, ìyẹn kálórì ńlá tí a ń rí lára páálí oúnjẹ. Nítorí náà, tí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ mọ ohun tí eré kan ń ná ènìyàn, wọ́n á de ìbòjú mọ́ ọn nímú àti lẹ́nu, wọ́n á sì wọn ọ́síjìn tó ń lò bó ṣe ń ṣeré. Wọ́n á wá fi wé ohun tí ara ń ná nígbà tí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́. Jíjókòó jẹ́ẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní mẹ́ẹ̀tì 1, ó sì jẹ́ nǹkan bíi kálórì kan fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí kan. Eré tó bá jẹ́ mẹ́ẹ̀tì 7 ń ná ìlọ́po méje rẹ̀.

Ní ọdún 1993, Barbara Ainsworth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó iye mẹ́ẹ̀tì onírúurú iṣẹ́ àti eré jọ sínú tábìlì kan. Wọ́n tún un ṣe ní 2000, 2011 àti 2024. Tábìlì yìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ aṣírò kálórì ń lò. Ìṣirò rẹ̀ kò le:

mẹ́ẹ̀tì × kg × wákàtí = kálórì

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó wọn kìlógíráàmù 70, ká sì lo nọ́ńbà 2011. Tó bá lúwẹ̀ẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ fún wákàtí kan láìkánjú, mẹ́ẹ̀tì 5.8 ni, á ná nǹkan bí 406. Tó bá fi gbogbo agbára lúwẹ̀ẹ́, mẹ́ẹ̀tì 9.8 ni, ìyẹn 686. Tó bá rọra gun kẹ̀kẹ́ tí kò pé kìlómítà 16 ní wákàtí kan, mẹ́ẹ̀tì 4 ni, ìyẹn 280. Tó bá gùn ún láàárín 16 sí 19, mẹ́ẹ̀tì 6.8 ni, ìyẹn 476. Bọ́ọ̀lù ìgbafẹ́ jẹ́ mẹ́ẹ̀tì 7, ìyẹn 490. Bọ́ọ̀lù ìdíje jẹ́ 10, ìyẹn 700.

Ẹ ti rí i pé kò sí "iye tí ìlúwẹ̀ẹ́ ń jó" kan ṣoṣo. Ẹni kan náà, eré kan náà, wákàtí kan náà, síbẹ̀ ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èkejì. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn: mẹ́ẹ̀tì 10 ti ìdíje ni mo mú fún ẹ̀gbọ́n tó ń gbá bọ́ọ̀lù ìgbafẹ́.

Ta ló ń gbé ẹrù náà?

Ìṣirò yìí fi ìwúwo ara ṣe ìlọ́po, bí ẹni pé ìwúwo ń ṣiṣẹ́ kan náà nínú gbogbo eré. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa ni pé: nínú eré yìí, ta ló ń gbé ara mi?

Nínú bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ rẹ ni. Gbogbo ìgbà tó o bá sáré, tó o fò, tó o sì yípadà lójijì, ìwọ lò ń gbé gbogbo kìlógíráàmù rẹ. Ẹni tó wọn 92 ń ná ju ẹni tó wọn 60 lọ gan-an bí wọ́n bá jọ sáré kan náà.

Lórí kẹ̀kẹ́, ìjókòó ló gbé ọ. Ní ojú ọ̀nà títẹ́jú, ohun tó ń gba agbára jù kì í ṣe ìwúwo rẹ bí kò ṣe afẹ́fẹ́ tó ò ń là kọjá. Bí o bá sì sọ eré di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ́wọ́ rẹ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tí kìlómítà 15 fi dà bí ìgbafẹ́, tí 30 sì ń gbé èémí lọ. Tó o bá dé òkè, ẹrù ara rẹ padà sí ẹsẹ̀ rẹ. Tó o bá ń sọ̀ kalẹ̀ láìtẹ pẹ́dà, o fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ná nǹkan kan, bó ti wù kí kẹ̀kẹ́ sáré tó.

Nínú omi, omi ló gbé ọ. Níbẹ̀, ìmọ̀ọ́ṣe ló ń pinnu. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà á gbé orí sókè, ìdí rẹ̀ á rì, gbogbo ara rẹ̀ á sì máa ti omi bí pákó tí wọ́n dá ní ìbú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á nà gbọọrọ lójú omi, á sì ná agbára tó kéré gan-an fún eré kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ẹni tó ń kọ́ kì í lè lúwẹ̀ẹ́ fún wákàtí kan gbáko. Á lọ dé ìpẹ̀kun, á di ògiri mú, á mí, á sọ̀rọ̀ díẹ̀. Wákàtí kan tó lò nínú omi lè jẹ́ ogún ìṣẹ́jú ìlúwẹ̀ẹ́ péré.

Mo gbé aago lọ sí pápá

Ọ̀rọ̀ ògiri yìí ló là mí lójú. Ní Sátidé kan, mi ò gbá bọ́ọ̀lù. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, mo ń fi fóònù ka àkókò tí ẹ̀gbọ́n lò nínú eré. Gbogbo ẹni tó bá ti gbá mọ́ńkí pọ́ọ̀sì mọ bó ṣe ń lọ: sẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí góòlù méjì, ẹgbẹ́ tó bá pàdánù á jáde, àwọn tó ń dúró á wọlé. A dé pápá ní aago mẹ́rin, a kúrò níbẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀. Nínú ìṣẹ́jú 90 yẹn, ẹ̀gbọ́n gbá bọ́ọ̀lù fún 40. Ó fi 50 dúró sí ẹ̀gbẹ́, ó ń bá wọn jiyàn ọfusáìdì.

Mo wá tún ìṣirò ṣe. Ìṣẹ́jú 40 ní mẹ́ẹ̀tì 7 fún kìlógíráàmù 92 jẹ́ nǹkan bí 429. Ìṣẹ́jú 50 ìdúró, tí mo kà sí mẹ́ẹ̀tì 1.5, jẹ́ 115. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 544.

Ó tún ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Tí ẹ̀gbọ́n bá jókòó sílé, ara rẹ̀ á ṣì ná mẹ́ẹ̀tì 1 láti mí, láti mú ọkàn rẹ̀ ṣiṣẹ́ àti láti mú ara gbóná. Fún wákàtí kan ààbọ̀, ìyẹn jẹ́ 138. Bọ́ọ̀lù kọ́ ló ná an. Tí a bá yọ ọ́ kúrò, ohun tí bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ná jẹ́ nǹkan bí 406. Nínú 1,380 tí mo fi ránṣẹ́, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta tó jẹ́ òótọ́.

Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ẹ̀gbọ́n máa ń mu ẹlẹ́rìndòdò oní-50cl méjì. A ka ohun tó wà lára ìgò náà: ṣúgà gíráàmù 10 nínú mílílítà 100. Ìyẹn jẹ́ gíráàmù 50 nínú ìgò kan. Kálórì 4 ló wà nínú gíráàmù ṣúgà kan, nítorí náà ìgò kan jẹ́ 200, méjì jẹ́ 400. Ẹ̀gbọ́n wò mí, mo wo ẹ̀gbọ́n. 1,380 kò lọ síbì kankan; kò wà níbẹ̀ rárá. 406 tó wà níbẹ̀, inú ìgò ló ti padà wọlé.

Aago ọwọ́ ńkọ́?

Ẹnìkan á ní aago òun ń ka ìlùkìkì ọkàn, nítorí náà ó mọ̀ ju tábìlì lọ. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Sítáńfọ́ọ̀dù dán aago méje wò lára ènìyàn 60. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ka ìlùkìkì ọkàn dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ti kálórì, èyí tó ṣe dáadáa jù fi nǹkan bí ìdá 27 nínú 100 ṣìnà, èyí tó burú jù sì fi 93 ṣìnà. Ìdí kan ni pé ọkàn kì í sáré nítorí iṣẹ́ nìkan. Oòrùn ọ̀sán, òùngbẹ àti ìbínú sí rẹfirí náà ń mú un sáré, láìjẹ́ pé iṣan ń ná agbára sí i tó bẹ́ẹ̀.

Tábìlì náà ní ibi tó kù sí. Iye mẹ́ẹ̀tì 1 fúnra rẹ̀, mílílítà ọ́síjìn 3.5 fún kìlógíráàmù kan ní ìṣẹ́jú kan, wá láti ara ọkùnrin kan ṣoṣo, ẹni ogójì ọdún tó wọn kìlógíráàmù 70. Nígbà tí àwọn olùwádìí wọn ènìyàn 769, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005, 2.6 ni wọ́n rí ní àropín. Ọ̀rá kì í ná agbára tó iṣan, nítorí náà bí ọ̀rá bá ṣe pọ̀ tó lára ènìyàn ni tábìlì ń bù lé e tó. Ó ṣeé ṣe kí 406 ẹ̀gbọ́n gan-an ṣì pọ̀ jù.

Mo sọ èyí náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Má tún yọ nǹkan kan mọ́ nínú rẹ̀ o." Láti ọjọ́ náà, omi ló ń mu lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Tí wọ́n bá sì lé ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, kì í dúró mọ́, ńṣe ló ń rìn yí pápá ká. Rírìn gidi jẹ́ nǹkan bíi mẹ́ẹ̀tì 3.5, ìṣẹ́jú 50 yẹn, tó jẹ́ 115 tẹ́lẹ̀, wá di 268. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 10, òṣùwọ̀n sọ 90 àti ààbọ̀. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó bá ìṣirò tuntun náà mu, nítorí kìlógíráàmù ọ̀rá kan tó nǹkan bíi kálórì 7,700.

Ní báyìí, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní kálórì tí eré òun ń ná, mi ò ní kọ́kọ́ ṣí tábìlì. Màá bi í pé: ìṣẹ́jú mélòó lo fi ṣeré gan-an, ta ló gbé ọ, kí lo sì mu lẹ́yìn rẹ̀?