Páànù tó ń dán àti tàpólì dúdú: bí a ṣe ń ṣírò agbára tí ìmọ́lẹ̀ fi ń ti nǹkan

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí oòrùn bá kàn tàrí, ẹ ó rí i ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí àgbẹ̀ sá kòkó sórí tàpólì dúdú, tí páànù tuntun sì ń kọ mànà lórí ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oòrùn kan náà ló ń pa àwọn méjèèjì. Tàpólì gbóná débi pé ẹsẹ̀ lásán kò lè dúró lórí rẹ̀, páànù sì dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ náà padà sójú ọ̀run. Èwo nínú wọn ni oòrùn ń tì jù? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò sọ pé tàpólì ni, nítorí òun ló gba gbogbo rẹ̀ sára. Páànù ni. Bó bá jẹ́ pé ó ń dán bíi dígí tí kò lábùkù, ìlọ́po méjì gééré ni títì tirẹ̀ yóò jẹ́.

Bí a ṣe ń mọ iye títì náà, láti orí páńẹ́lì sólà kékeré kan dé orí ìwé ìṣirò, ni mo fẹ́ tọ́ yín sọ́nà lé lórí. Àwọn tó ń kọ́ físíìsì ní ọdún kìíní ní Yunifásítì Ọlábísí Onabánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè yóò bá a pàdé bíi ìlà méjì péré, P = I/c àti P = 2I/c. Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń ṣi ọ̀nà ni mímọ èyí tó yẹ ká lò, àti ìgbà tí kò sí èyí tó tọ́ nínú méjèèjì.

Ìmọ́lẹ̀ kò ní ìwúwo kankan tí a lè gbé sórí òṣùwọ̀n. Síbẹ̀, ó ń gbé mòmẹ́ńtọ́ọ̀mù dání, ìyẹn ohun tí ara tó ń lọ máa ń fi ti ohun tó bá dí i lọ́nà. James Clerk Maxwell ti fi ìṣirò rẹ̀ hàn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1873. Ẹ mú iye agbára tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ náà, ẹ fi ìyára ìmọ́lẹ̀ pín in, mòmẹ́ńtọ́ọ̀mù rẹ̀ nìyẹn: p = E/c. Níwọ̀n bí ìyára náà ti jẹ́ mílíọ̀nù 300 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohun tó máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn pípín kì í tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ wá wo tàpólì. Ìmọ́lẹ̀ dé pẹ̀lú mòmẹ́ńtọ́ọ̀mù p, ó wọlé, ó di ooru, kò jáde mọ́. Ohun tí tàpólì gbà ni p. Ní ti páànù tó ń dán pátápátá, ìmọ́lẹ̀ náà dé pẹ̀lú p, ó sì padà síbi tó ti wá pẹ̀lú p mìíràn. Páànù ní láti dá èyí tó ń bọ̀ dúró, ó sì tún ní láti rán an padà. Láti orí p síwájú dé orí p sẹ́yìn, àyípadà náà jẹ́ 2p, orí páànù náà ni gbogbo rẹ̀ sì já lé. Kí ooru má dàrú mọ́ títì lójú yín: tàpólì ló gba agbára tó pọ̀ jù, òun ló sì ń gbóná, ṣùgbọ́n páànù ló gba mòmẹ́ńtọ́ọ̀mù tó pọ̀ jù.

Ohun àkọ́kọ́ tí a nílò ni I, iye agbára oòrùn tó ń bọ́ sórí mítà onígun mẹ́rin kan. Ẹ má kàn mú nọ́ńbà látinú ìwé. Ẹ wá páńẹ́lì sólà kékeré kan, kí ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára bátìrì àti ohun gbogbo, kí ẹ sì wo àkọlé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ó rí `Isc` níbẹ̀. Iye áńpíà tí páńẹ́lì náà yóò mú wá nìyẹn bí wáyà rẹ̀ méjèèjì bá kan ara wọn, nígbà tí oòrùn jẹ́ wátì 1000 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Ẹ kọjú páńẹ́lì sí oòrùn gan-an, ẹ gbé mọ́tímítà sí ojú áńpíà ti iná bátìrì, kí ẹ sì so ó mọ́ ẹnu wáyà méjèèjì. Àwọn mọ́tímítà tó wọ́pọ̀ lọ́jà kì í gbé ju áńpíà 10 lọ, nítorí náà páńẹ́lì kékeré ni kí ẹ lò. Ká sọ pé àkọlé sọ áńpíà 2, tí mọ́tímítà sì ka 1.5. Ẹ fi 2 pín 1.5, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1000: I jẹ́ 750. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere ni kí ẹ ṣe é. Bí ìkùukùu tàbí ọyẹ́ bá bo oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á máa gba ọ̀nà púpọ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣirò tó gbà pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló ti wá kò sì ní bá a mu mọ́.

Ẹ fi mílíọ̀nù 300 pín 750. Ohun tó kù ni 0.0000025 páskà. Bí tàpólì náà bá jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 2, tí oòrùn sì kọjú sí i tààrà, títì rẹ̀ jẹ́ 0.000005 níútìnì, bí ìwúwo ìdajì mílígíráàmù. Hóró oògùn pẹrasitamọ́ọ̀lù 500 mílígíráàmù kan fi nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún wúwo jù ú lọ. Páànù pẹlẹbẹ tó dán pátápátá, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ bákan náà, yóò gba 0.00001 níútìnì.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun kan lábẹ́ oòrùn tó ń gbé gbogbo ìmọ́lẹ̀ mì, kò sì sí èyí tó ń dá gbogbo rẹ̀ padà. Nítorí náà ìlà tí mo fẹ́ kí ẹ máa lò jù ni P = (1 + R)I/c, níbi tí R ti jẹ́ ìpín tí ojú náà dá padà. Páànù tó bá dá ìdá 70 nínú 100 padà ní R tó jẹ́ 0.7, a ó sì fi 1.7 sọ 0.0000025 di púpọ̀. Èyí kan ojú tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí nìkan. Ògiri tí a kùn ní ọ̀dà funfun ń fọ́n tirẹ̀ káàkiri ni. Bó tilẹ̀ dá gbogbo rẹ̀ padà, 5/3 ni yóò dé, kì í ṣe 2, torí pé apá kan nínú ìmọ́lẹ̀ náà gba ẹ̀gbẹ́ lọ.

Ojú lè tan ẹni jẹ nípa R. Ẹni tó bá dúró ní Ìwópin, ní Ogun Waterside, tó ń wo ọ̀sà lọ́sàn-án gangan, tí omi ń tàn yanran, lè búra pé dígí ni omi náà. Bí oòrùn bá wà lókè orí gan-an, nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 péré ni omi máa ń dá padà. Ìyókù wọ inú omi lọ. Ọ̀sà sún mọ́ tàpólì dúdú ju páànù lọ, R rẹ̀ sì jẹ́ 0.02. Pẹ̀lú I wa tó jẹ́ 750, kìlómítà onígun mẹ́rin kan lójú ọ̀sà náà yóò gba nǹkan bíi 2.55 níútìnì, ìyẹn ìwúwo 260 gíráàmù lórí gbogbo omi yẹn. Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ̀ gba ojú omi kọjá, ìpín tó ń padà máa ń ga sókè gan-an, ẹ kò sì lè lo 0.02 nígbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ dídagun tún kù, ibẹ̀ ni àṣìṣe sì pọ̀ sí jù. Bí ojú náà bá dagun kúrò lọ́dọ̀ oòrùn, tí a pe igun náà ní θ, tí a sì pe ìwọ̀n ojú náà ní A, títì orí ojú dúdú jẹ́ IA cos θ / c, ó sì ń lọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń lọ. Ti dígí jẹ́ 2IA cos² θ / c, ó sì ń ti dígí náà sẹ́yìn tààrà láti ojú rẹ̀, ibi yòówù kí ìmọ́lẹ̀ ti wá. Cos ẹ̀ẹ̀kejì yẹn wà níbẹ̀ nítorí pé, yàtọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ tó bà á dín kù, apá tó kọjú sí dígí tààrà nínú mòmẹ́ńtọ́ọ̀mù náà nìkan ló ń yí padà. Ẹ gbé θ sí 60 dígírì. Cos rẹ̀ jẹ́ 0.5, nítorí náà tàpólì wa gba 0.0000025 níútìnì, páànù dídán náà sì gba 0.0000025, ọgbọọgba. Ní 70 dígírì, tàpólì ti gba jù. Ẹni tó bá ń sọ pé dígí máa ń gba ìlọ́po méjì nígbà gbogbo ti gbàgbé igun nìyẹn. Páànù onígbì sì le láti ṣírò jù, torí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ìgbì rẹ̀ ló ní igun tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń fẹ́ fi ojú rí i, wọn a sì tọ́ka sí gílóòbù Crookes, ìyẹn gílóòbù onídígí tí abẹ́bẹ̀ kéékèèké ń yí nínú rẹ̀, ojú kan dúdú, ojú kejì funfun tàbí kó máa dán. Ẹ wo ọ̀nà tó ń yí dáadáa. Ojú dúdú ló ń sá sẹ́yìn, bí ẹni pé òun ni a ń tì jù. Bó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ló ń tì í, ojú dídán ni ìbá máa sá. Ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù nínú gílóòbù náà, tí ojú dúdú mú gbóná, ló ń yí i. Bí a bá fa afẹ́fẹ́ náà jáde dáadáa, yíyí náà máa ń dáwọ́ dúró. Pyotr Lebedev ní Mọ́síkò lọ́dún 1900, àti Nichols pẹ̀lú Hull ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1901, fi abẹ́bẹ̀ tí wọ́n so rọ̀ mọ́ okùn tín-ínrín wọn títì ìmọ́lẹ̀ gan-an, làálàá wọn tó tóbi jù ni pé kí ooru afẹ́fẹ́ má bà á jẹ́.

Lójú sánmà, níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, ìṣirò yìí ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. NigComSat-1R, sátẹ́láìtì tí Nàìjíríà rán lọ ní oṣù Kejìlá 2011, ní páńẹ́lì tó kọjú sí oòrùn, títì náà sì wà lára ohun tí àwọn tó ń darí irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ ń ṣírò kó má bàa yẹ̀ kúrò ní ọ̀nà rẹ̀. Ọkọ̀ IKAROS tí Japan rán lọ ní oṣù Karùn-ún 2010 ló fi í ṣe atẹ́gùn fún ìgbòkun rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ jẹ́ mítà 14 lórí mítà 14, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 196. Níbi tí ayé wà, I lójú sánmà jẹ́ 1361, kì í ṣe 750. Ẹ fi c pín in, ẹ fi 196 sọ ọ́ di púpọ̀: ojú dúdú yóò gba 0.89 mílíníútìnì, dígí pípé yóò gba 1.78. Ohun tí wọ́n wọ̀n láti ara ọkọ̀ náà ni 1.12. Ó bọ́ sí àárín méjèèjì, bó ṣe yẹ fún aṣọ tí kì í ṣe dígí pátápátá, tí a tẹ páńẹ́lì sólà mọ́ apá kan rẹ̀, tí kì í sì í kọjú sí oòrùn gan-an ní gbogbo ìgbà. Bí ìṣirò yín fún irú ìgbòkun bẹ́ẹ̀ bá kọjá 1.78, bóyá ẹ ti fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá kéré sí 0.89, ẹ padà lọ wo igun àti bó ṣe jìnnà sí oòrùn tó. Ọkọ̀ náà wúwo tó nǹkan bíi kílógíráàmù 310, nítorí náà 1.12 mílíníútìnì yẹn, bí kò bá dáwọ́ dúró, ń yí ìyára rẹ̀ padà pẹ̀lú nǹkan bíi 0.31 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan láàárín wákàtí 24.