Ìmọ̀ràn fún Akọ̀wé Tó Ń Kọ Ímeèlì Owó Ojúde Ọba

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣe akọ̀wé régbérégbé yín ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, ímeèlì owó Ojúde Ọba á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: ti kánópì, ti àga, ti onílù, ti ẹṣin. Ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó fi ìfọwọ́sí ránṣẹ́.

1. Ọ̀nà kan ni kí ẹ fi kọ owó látòkè délẹ̀. Bí ẹ bá kọ ₦2,400,000 lókè, ẹ má kọ 2.4m nísàlẹ̀, ẹ má sì ki N2400k bọ àárín. Ìwọ tó kọ ọ́ mọ̀ pé ọ̀kan náà ni. Akápò tó ń fi fóònù kà á nínú ọkọ̀ lè má mọ̀. Kọ́mà la fi ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀ níbí. Ará wa tó kàwé ní Kùtọnu, kọ́mà ló fi ń ya ẹ̀já owó sọ́tọ̀ ní tirẹ̀.

2. Ibi tí ìjà ti ń wá jù rèé. Bí ẹ bá kọ 7.5%, ẹ sọ ohun tó jẹ́ ìdá rẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2020 ni VAT ti kúrò ní 5% tó di 7.5%. Ká ní oníkánópì bu ₦2,400,000, ẹ wá kọ “₦2,400,000, VAT 7.5%”, tí ẹ dákẹ́. Ojú tirẹ̀ ni pé VAT ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀: ₦180,000, àpapọ̀ ₦2,580,000. Ojú akápò ni pé ó ti wà nínú rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ẹ pín owó náà sí 1.075: owó iṣẹ́ á jẹ́ ₦2,232,558.14, VAT á jẹ́ ₦167,441.86. Àwọn méjèèjì ka ímeèlì kan náà, ₦180,000 ló sì wà láàárín wọn. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

```
Owó iṣẹ́: ₦2,400,000.00
VAT (7.5% owó iṣẹ́): ₦180,000.00
Àpapọ̀ tí a fọwọ́ sí: ₦2,580,000.00
```

3. Owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù dá, ẹ fi GBP síwájú rẹ̀, kí tiwa nínú ímeèlì yẹn sì jẹ́ NGN látòkè délẹ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ ṣẹ́ ẹ àti ọjọ́ tí ẹ ṣẹ́ ẹ. Láti 1973 la ti ń ná náírà, síbẹ̀ àgbà kan ṣì wà tó ń pe náírà méjì ní pọ́n-ùn kan.

4. Àpapọ̀ nìkan ni kí ẹ tún fi ọ̀rọ̀ kọ: mílíọ̀nù méjì, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà. Lórí ṣẹ́ẹ̀kì, bí ọ̀rọ̀ àti iye bá ta kora, ọ̀rọ̀ ni òfin gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé báńkì lè dá a padà. Ímeèlì kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀kì. Bó bá ta kora, kí akápò má sanwó, kó bi yín.

5. Bí iye bá yí lẹ́yìn ìfọwọ́sí, ẹ má kàn kọ “ẹ fi díẹ̀ kún un”. Ẹ fi tuntun ránṣẹ́, kí iye àtijọ́, iye tuntun àti ọjọ́ wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì sọ pé ti àtijọ́ ti kú.