Páálí Mẹ́wàá Kò Ní Tó Yàrá Rẹ

Sábó,
Ọ̀yọ́.

Àkànní ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Jímọ̀, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn pé ilé náà ti dé orí títẹ́ táìlì. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí o gbé inú rẹ̀ pẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí ohun kan nínú ìwé náà tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, òun ló mú kí n tètè fèsì kí o tó lọ sanwó ní ọjà yín níbẹ̀.

O ní yàrá náà jẹ́ mítà 3.5 ní ìbú àti mítà 4.1 ní gígùn. O ní ẹni tó ń ta táìlì sọ ọ́ di mítà onígun mẹ́rin 14.35, ó sì ní nítorí pé páálí kan tí táìlì 60 sí 60 mẹ́rin wà nínú rẹ̀ ń kárí 1.44, páálí 10 ti tó ọ, kódà díẹ̀ yóò ṣẹ́ kù. Ìṣirò ọkùnrin náà kò ṣìnà lórí ìwé. Mẹ́wàá lọ́nà 1.44 jẹ́ 14.4, ó sì ju 14.35 lọ lóòótọ́. Àmọ́ táìlì kì í ṣe omi tí a ń dà sínú garawa, tí yóò fúnra rẹ̀ ṣàn dé gbogbo kọ̀rọ̀. Odindi ni wọ́n ń tà á, bí o bá sì gé e, èyí tó já kúrò lára rẹ̀ lè má rí ibi wọ̀ mọ́.

Jẹ́ ká jọ tẹ́ ẹ. Bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri kan, kí o máa lọ sí ìbú. Táìlì márùn-ún gba mítà 3, ó ku 50 sẹ̀ǹtímítà. O ní láti gé 10 kúrò lára ìkẹfà kó tó lè wọlé síbẹ̀. Ní gígùn, mẹ́fà gba mítà 3.6, ó tún ku 50, ìkeje náà yóò fojú ba ọ̀bẹ. Èyí já sí pé mẹ́fà ló lọ sí ìbú, méje ló lọ sí gígùn, 42 sì ni gbogbo rẹ̀. Páálí mẹ́wàá jẹ́ táìlì 40. Táìlì méjì ti dín, a kò tíì fọ́ ẹyọ kan, a kò sì tíì dé ẹsẹ̀ ògiri.

Ẹsẹ̀ ògiri ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. O fẹ́ sìkátìnì yí yàrá náà ká, o kọ ọ́ sínú ìwé rẹ. Àyíká yàrá jẹ́ mítà 15.2. Bí a bá yọ ẹnu ilẹ̀kùn 90 sẹ̀ǹtímítà kúrò, ó ku 14.3. Sìkátìnì tó ga ní 10 sẹ̀ǹtímítà, tí ẹyọ rẹ̀ gùn ní 60, yóò jẹ́ ẹyọ 24. Ibí yìí ni àwọn àgékù tí a gé lẹ́ẹ̀kan ti wá wúlò, nítorí pé ohun tó já kúrò lára àwọn táìlì etí ògiri fẹ̀ tó 10 sẹ̀ǹtímítà gẹ́lẹ́. Méjìlá ni o máa rí níbẹ̀ bí onítáìlì rẹ kò bá kó wọn dà sí ààtàn. Sọ fún un ṣáájú kó tó bẹ̀rẹ̀ pé kó máa tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan. Méjìlá tó kù yóò wá láti ara odindi táìlì. Odindi kan, bí a bá yọ ohun tí abẹ ń jẹ, yóò fún ọ ní márùn-ún tó dára, nítorí náà mẹ́ta ni o nílò. 42 àti 3 jẹ́ 45. Fi mẹ́ta kún un fún èyí tó bá fọ́ lójú ọ̀nà tàbí tí abẹ bá bàjẹ́, ó di 48, ìyẹn páálí 12.

Àwọn kan á ní kí o kàn fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé ìwọ̀n ilẹ̀, tàbí 15 bí o bá fẹ́ tẹ́ ẹ ní ìdábùú. Òfin yẹn kò burú fún ẹni tí kò lè ka táìlì lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n wò ó nínú yàrá tìrẹ: 14.35 pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá rẹ̀ kò tó 15.8, páálí 11 ni yóò fún ọ, ìyẹn táìlì 44. Ìyẹn kò tó 45 tí a kà, débi tí èyí tó fọ́ yóò rí arọ́pò. Ìdí ni pé ẹni tó bu ìdá mẹ́wàá lé e kò rántí sìkátìnì. Kíkà ló dájú, Àkànní. Mú chọ́ọ̀kì, kí o fa ilà táìlì sí orí ilẹ̀ náà fúnra rẹ.

O lè ní bí ó bá dín, ṣebí mo lè padà lọ ra ẹyọ kan. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú pálọ̀ mi níbí. Páálí kan ló dín lọ́wọ́ mi, mo padà lẹ́yìn oṣù kan, mo bá orúkọ kan náà àti àwòrán kan náà, mo rà á. Ìgbà tí a tẹ́ ẹ tán tí oòrùn àárọ̀ wọlé láti ojú fèrèsé, igun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pọ́n ju ìyókù lọ, ó ń wò mí títí di òní. Nọ́ńbà àwọ̀ wà lára páálí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí. Gbogbo páálí 12 rẹ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà kan náà. Bí ẹni tó ń tà á bá fẹ́ da méjì pọ̀ fún ọ, má gbà.

Ó tún ku ìwọ̀n yàrá fúnra rẹ̀. Ṣé tépù ni o fi wọ̀n ọ́n, àbí inú púláànù ni o ti rí i? Ògiri tí bíríkìlà ti rẹ́ kì í rí bí ti púláànù. Wọn ìbú rẹ̀ níbi mẹ́ta, ní ìbẹ̀rẹ̀, ní àárín àti ní ìparí, kí o mú èyí tó pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, wọn láti igun sí igun, lọ́nà méjèèjì. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, yàrá náà wọ́, àwọn táìlì etí ògiri yóò sì máa tóbi lápá kan, wọn yóò máa kéré lápá kejì.

Ní báyìí, gọ́ọ̀mù táìlì. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn láìmọ̀, ju ti táìlì tó fọ́ lọ. Tí gọ́ọ̀mù bá nípọn ní mìlímítà kan, mítà onígun mẹ́rin kan ń jẹ nǹkan bíi kílò kan ààbọ̀. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, onítáìlì yóò fi tírówẹ̀lì eléyín fà á, yóò tẹ táìlì mọ́ ọn, yóò sì ku nǹkan bíi mìlímítà mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀. Àpò oníkílò 20 kan yóò kárí nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Ilẹ̀ rẹ pẹ̀lú sìkátìnì kò pé 16, àpò márùn-ún ti tó. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ náà bá rì, tí onítáìlì ní láti fi gọ́ọ̀mù dí i dé sẹ̀ǹtímítà kan, mítà kan yóò jẹ kílò 15, àpò márùn-ún yóò di méjìlá.

Báwo ni o ṣe máa mọ̀? Wá pákó tàbí irin tó tọ́, tó gùn tó mítà méjì. Fi lélẹ̀, kí o máa yí i káàkiri, kí o sì máa wo abẹ́ rẹ̀. Bí o bá rí ihò tí ìka rẹ lè wọ̀, má ra gọ́ọ̀mù sí i, pe bíríkìlà. Kó gbọ́n ilẹ̀ náà mọ́, kó wọ́n omi sí i, kó fi sìmẹ́ńtì pípò pa á lára, kó tó fi iyanrìn òun sìmẹ́ńtì tẹ́ ẹ. Àpò sìmẹ́ńtì méjì á tó fún yàrá náà bí rírì náà kò bá ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán.

Mo mọ̀ pé onítáìlì lè sọ pé òun kò nílò gọ́ọ̀mù, pé sìmẹ́ńtì lásán ti tó. Yí ẹ̀yìn táìlì náà sókè, kí o ta omi sí i. Bí ó bá fa omi náà mu kíákíá, sìmẹ́ńtì lè dì í mú tí wọ́n bá kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi. Bí omi náà bá dúró síbẹ̀ tó ń tàn, táìlì líle ni, kò ní ojú tí sìmẹ́ńtì yóò gbà wọlé, gọ́ọ̀mù nìkan ló lè mú un. Má sì jẹ́ kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí i ní ṣùkùṣùkù márùn-ún. Bí ó bá ti gbẹ, fi kọ́ìnì kàn án. Èyí tó bá dún bí agbè òfìfo, wọn kò fi gọ́ọ̀mù kárí abẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni yóò kọ́kọ́ fọ́ ọ.

Ní ti owó iṣẹ́, mítà ni wọ́n ń gbà á. Ẹ jọ fẹnu kò kí ó tó gbé irinṣẹ́ wọlé, ṣé ilẹ̀ tó tẹ́ ni ẹ ó wọ̀n, àbí páálí tí o rà. Páálí 12 jẹ́ mítà 17.28, ilẹ̀ rẹ jẹ́ 14.35. Mítà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta ni àríyànjiyàn náà máa jẹ́ lọ́jọ́ ìsanwó. Ilẹ̀ tó tẹ́ ni kí o dúró lé, kí ẹ sì yọ sìkátìnì sọ́tọ̀, nítorí pé iṣẹ́ gígé ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Jẹ́ ká wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Iye tí mo fẹ́ lò yìí, mo yàn án kí ìṣirò lè rọrùn ni, fi ti ọjà yín rọ́pò rẹ̀. Bí páálí bá jẹ́ ₦10,000, 12 jẹ́ ₦120,000. Gọ́ọ̀mù márùn-ún ní ₦7,000 jẹ́ ₦35,000. Ilẹ̀ 14.35 ní ₦2,000 jẹ́ ₦28,700, sìkátìnì mítà 14.3 ní ₦500 jẹ́ ₦7,150. Kílò mẹ́ta ohun tí wọ́n fi ń dí ojú àlàfo táìlì, ní ₦1,500, jẹ́ ₦4,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦195,350, láìka owó ọkọ̀. Má gbàgbé ọkọ̀ náà o, páálí 12 wúwo ju ohun tí ọ̀kadà ń gbé. Tí ilẹ̀ bá rì tí o kò sì tún un ṣe, gọ́ọ̀mù méje tó máa lé sí i yóò mú ₦49,000 mìíràn lọ.

Nítorí náà mo bẹ̀ ọ́, má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Gbé irin gígùn yẹn wọ yàrá náà lọ́la kí ilẹ̀ tó ṣú, kí o pè mí láti ibẹ̀, kí o sọ ohun tí o rí fún mi.

Èmi ni àbúrò bàbá rẹ,
Bàbá Sábó.